Fídíò kíláàsì mi tó ń jẹ dátà oní-dátà: bí mo ṣe sọ 1.4GB di 118MB tí nọ́ńbà ṣì hàn ketekete

Dátà ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn tó ń ta aṣọ ní Gbági bí wọ́n ṣe ń fi Excel ṣe ìwé ọjà, ẹni tí ò bá ráyè wọ kíláàsì, mo máa ń fi fídíò ojú kọ̀ǹpútà mi ránṣẹ́ sí i. Màmá kan lára wọn ra dátà nítorí fídíò yẹn, ó ń wọlé ó ń wọlé, dátà tán kó tó wọlé tán. Wọ́n pè mí, wọ́n ní "Tíṣà, kí lẹ kó sínú ẹ̀?" Mo lọ wo fáìlì yẹn, 1.4GB! Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 12, Excel lásán tí ò kúrò lójú kan. Inú bí mi gan-an, torí owó dátà yẹn kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ta léèsì ní yáàdì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò da. Mo wá áàpù kan sórí fóònù, mo ní kó sọ fídíò 1080 di 480, ó kéré lóòótọ́, inú mi dùn, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé 3 nìyẹn àbí 8?" Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà inú Excel ò ju bíi píksẹ́lì 10 lọ ní gíga lójú kọ̀ǹpútà mi, tí ẹ bá wá rún 1080 mọ́ 480, ó ku píksẹ́lì 4 àti díẹ̀, kò sí bí 3 àti 8 ṣe máa yàtọ̀ síra nínú píksẹ́lì 4. Fídíò òde ìgbéyàwó lè fara da irú ẹ̀, nọ́ńbà ò lè fara dà á. Látọjọ́ náà mi ò fọwọ́ kan gíga àti fífẹ̀ fídíò kíláàsì mọ́, bó ṣe wà ni mo ń fi í sílẹ̀.

Ibòmíì ni ìnáwó yẹn wà. OBS tí mo fi gbà á sílẹ̀, 2500 kílóbíìtì ni mo bá nínú sẹ́tíǹgì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé bóyá nǹkan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà o, bóyá kò rìn o, iye yẹn ló ń lé. Mo lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí n máa ṣàlàyé, kó sì máa kó ẹrù lọ. Ohùn nìkan, tó wà ní 160 kílóbíìtì, ti gba bíi 86MB nínú ẹ̀, ohùn èèyàn kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀! Ojú mi tí mo tún gbé sígun kékeré náà wà níbẹ̀, ohun tó ń mira ní gbogbo ìgbà sì ni, òun ló ń jẹ bíìtì jù nínú fídíò tí nǹkan yòókù dúró jẹ́ẹ́. Mo ti yọ ọ́ kúrò báyìí.

ffmpeg ni mo fi ń rún fídíò báyìí, òfin lèèyàn máa ń tẹ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà ò le, mi ò ní fìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Òfin tí mo padà ń lò nìyí:

```
ffmpeg -i kilasi.mp4 -vf fps=10 -c:v libx264 -preset slow -crf 24 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -ac 1 -b:a 48k -movflags +faststart kekere.mp4
```

fps=10 ni pé fọ́tò 10 ló tó fún ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 30, atọ́ka máúsì á máa fò díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò yí padà. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń yí ojú ìwé sókè sódò gan-an, ẹ sọ ọ́ di 15. crf ló ṣe pàtàkì jù, dípò kẹ́ ẹ sọ iye tó máa ná, bó ṣe máa hàn sí lẹ̀ ń sọ, òun á wá ná ìwọ̀n tó bá nílò. Nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni fáìlì ń kéré sí i, ṣùgbọ́n tó bá dé 30, etí lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúruwùru.

Fáìlì 1.4GB yẹn di 118MB. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Àfi bí mo ṣe dé ibi tí mo ti ń kọ́ wọn ní gbèsè.

Ibí yìí ló gba alẹ́ méjì lọ́wọ́ mi. Gbèsè oníbàárà, lẹ́tà pupa ni mo fi kọ ọ́, sórí ìlà aláwọ̀ búlúù, torí mo fẹ́ kó fa ojú mọ́ra. Gbogbo nọ́ńbà dúdú orí funfun hàn ketekete, ti pupa yìí rí bàìbàì bí ẹni pé omi dà sí i. Mo sọ crf di 20, bàìbàì. Mo sọ ọ́ di 16, fáìlì fò lọ sí 290MB, bàìbàì náà ni. Kọ̀ǹpútà mi ń gbóná, iná ń lọ iná ń dé, gbogbo ìgbà ni mo sì ń ṣe odindi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12 kí n tó wo ibi kékeré kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ fi `-ss 00:40:00 -t 60` síwájú `-i`, ìṣẹ́jú kan péré láti ibi tọ́rọ̀ wà lá ṣe.

Lálẹ́ kejì mo ka ibì kan pé kí n pààrọ̀ yuv420p sí yuv444p. Mo ṣe é, pupa ò yàtọ̀, mo gbé e sórí fóònù, ohùn ń jáde, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ nù. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn láti lọ wo fáìlì tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ gan-an, èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn:

```
ffprobe -v error -select_streams v -show_entries stream=width,height,pix_fmt kilasi.mp4
```

yuv420p. Mo ṣí i, mo dá a dúró níbi gbèsè, mo fẹ̀ ẹ́, bàìbàì tí mo ti ń bá jà láti àná ti wà níbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Fídíò irú yìí, ó máa ń pín àwòrán sí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀, ṣùgbọ́n píksẹ́lì 4 ló ń pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Dúdú lórí funfun, ìmọ́lẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn. Pupa lórí búlúù, ìmọ́lẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n, àwọ̀ yẹn ló sì ti dà pọ̀ nígbà tí mo ń gbà á sílẹ̀. Kò sí crf tó lè dá a padà. 444 ni èyí tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ti ní àwọ̀ tiẹ̀, ẹ̀rọ inú ọ̀pọ̀ fóònù ò sì mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀nà fún ẹni tó ń wo kíláàsì lórí fóònù.

Mo pa pupa àti búlúù rẹ́ nínú Excel, mo fi lẹ́tà dúdú sórí yẹ́lò tó mọ́lẹ̀, mo sún Excel dé 150% kí nọ́ńbà lè ga sí i, mo tún gba ìṣẹ́jú 9 ibi gbèsè yẹn nìkan sílẹ̀. Òfin kan náà, crf 24 náà, ó jáde bó ṣe yẹ. Ká ní mo ti fi fídíò àkọ́kọ́ wé e látàárọ̀ ni, alẹ́ méjì yẹn ò bá má lọ. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ sí i.

Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fídíò, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò, á tún un rún, iṣẹ́ yín á bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àárọ̀ Mọ́ńdè, màmá yẹn ya fọ́tò ojú fóònù wọn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n dá a dúró níbi gbèsè, wọ́n ní "Tíṣà, 38,500 ni mo rí níbí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà.