Ẹ fi ìrántí sílẹ̀ ná: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú lámèyítọ́ ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù

Nínú ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù, à ń fi àwọn tó ní àrùn kan, ìyẹn kéèsì, wé àwọn tí kò ní in, ìyẹn kọ́ńtíróòlù, ká lè mọ ohun tó yàtọ̀ nínú ìgbé ayé wọn sẹ́yìn. Gbólóhùn kan wà nípa rẹ̀ tí ó ti sú mi. Bí mo bá ti ṣí lámèyítọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun báyìí, mo ti mọ̀ pé n óò bá a ní ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn: "Ìwádìí yìí lè ní ìṣègbè yíyàn, ìṣègbè ìrántí àti ìṣègbè ìwífún." Ó tán síbẹ̀. Kò sọ ẹni tí wọ́n yàn lódì, kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni gbàgbé, kò sì sọ bóyá àbájáde náà ga ju bó ṣe yẹ lọ tàbí ó kéré sí i. Ènìyàn lè lẹ irú gbólóhùn yẹn mọ́ ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù èyíkéyìí láìka ojú ewé kan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rí máàkì gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tú u jáde lónìí, bóyá ara á tù mí.

Èkíní, ẹ má to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọmọ ìyá. Ìṣègbè ìrántí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìṣègbè ìwífún, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá ní òun ra ẹran, ẹja àti pánla, ẹja lẹ́ẹ̀mejì ló kà. Ẹ̀ka méjì ló wà níbí. Ìṣègbè yíyàn jẹ́ àṣìṣe nínú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà wọ inú ìwádìí. Ìṣègbè ìwífún jẹ́ àṣìṣe nínú ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa àwọn tó ti wọlé. Ìrántí kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ohun tí a kọ fi lè yàtọ̀ sí òótọ́ ni. Olùbéèrè tó ń tẹ kéèsì nínú pé "ṣé ó dá yín lójú?" tí kò sì bi kọ́ńtíróòlù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbàgbé ohunkóhun níbẹ̀.

Èkejì ló ń bí mi nínú jù: kí a máa pe gbogbo nǹkan ní ìṣègbè ìrántí nítorí pé wọ́n bi àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n ṣe nígbà kan rí. Ẹ wo ìwádìí tí Brian MacMahon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé jáde ní 1981. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 369 tó ní jẹjẹrẹ páńkíríásì lẹ́nu wò, wọ́n sì bá kọ́ńtíróòlù 644 sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ní àwọn ilé ìwòsàn Boston àti Rhode Island. Nínú àbájáde wọn, ewu àrùn náà lára ẹni tó ń mu ife kọfí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ jẹ́ ìlọ́po 2.7 ti ẹni tí kì í mu ún. Bí mo bá gbé ìwádìí yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ jáde ni pé: "Wọ́n lè ti gbàgbé iye ife tí wọ́n ń mu." Wọ́n lè gbàgbé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ náà ti wọ́.

Ẹ béèrè ibi tí kọ́ńtíróòlù ti wá. Àwọn aláìsàn mìíràn tí dókítà kan náà ń tọ́jú, ní ilé ìwòsàn kan náà, ni wọ́n mú. Ta ni dókítà tó sábà máa ń tọ́jú jẹjẹrẹ páńkíríásì? Dókítà inú ni. Ta ló tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì dókítà inú? Àwọn tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, àti àwọn tí ìfun wọn kò fara rọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lè jáwọ́ nínú kọfí tipẹ́tipẹ́, yálà nítorí pé ó ń ta á nínú tàbí nítorí pé dókítà ní kó má mu ún mọ́. Wọ́n tún yọ àwọn tí àìsàn wọn tan mọ́ sìgá tàbí ọtí kúrò nínú kọ́ńtíróòlù. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fa sìgá sábà máa ń mu kọfí ju àwọn tí kì í fà á lọ. Nǹkan méjèèjì yìí ló ń dín kọfí kù lọ́dọ̀ kọ́ńtíróòlù, láìfọwọ́ kan kéèsì.

Ẹ wá fojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńtíróòlù yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì. Olùbéèrè ní: "Ife kọfí mélòó ni ẹ ń mu lóòjọ́?" Ó ní: "Mi ò kì í mu ún." Òótọ́ ló sọ. Olùbéèrè kọ òdo sílẹ̀, òun náà kò sì ṣì í kọ. Ìrántí pé, ìwé pé, àbájáde sì wọ́ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí ọkùnrin yẹn dúró fún àwọn ará ìlú tí àwọn kéèsì ti jáde wá. Ìdánwò tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí: ẹ ṣe bí ẹni pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa gbogbo ènìyàn inú ìwádìí náà jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ṣé àléébù tí ẹ rí yẹn á ṣì wà? Bó bá wà, yíyàn ni ẹ lọ wò. Bó bá pòórá, ìwífún ni. (Ohun mìíràn tó tẹ̀ lé kọfí káàkiri, bíi sìgá fúnra rẹ̀, á ṣì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀, ẹ má fi dà á rú.)

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà tí mo hùmọ̀ fúnra mi ṣe é. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú, 80 ló ń mu kọfí, tí kọfí kò sì fa nǹkan kan. Nínú 100 kéèsì, 80 á máa mu ún, 20 kò ní í mu ún. Bí a bá mú kọ́ńtíróòlù láti àárín ìlú, àwọn náà á jẹ́ 80 àti 20. Bí a bá wá mú wọn láti ọ̀dọ̀ dókítà inú, ká ní 60 ló ń mu ún, 40 ti jáwọ́. OR ni nọ́ńbà tó ń fi ìwọ̀n àwọn tó ń mu ún sí àwọn tí kì í mu ún lọ́dọ̀ kéèsì wé ti kọ́ńtíróòlù; bó bá jẹ́ 1, kò sí ìyàtọ̀:

```
ìlú:   OR = (80 × 20) / (20 × 80) = 1
inú:   OR = (80 × 40) / (20 × 60) = 2.67
```

Kọfí di apànìyàn láìsí ẹni tó parọ́. Nígbà tó di 1986, tí ẹgbẹ́ MacMahon fúnra wọn gbé àbájáde ìwádìí mìíràn jáde, ìbátan yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ mú kọ́ńtíróòlù rẹ̀ láti kíníìkì kan ṣoṣo tí kò yẹ rárá. Ẹnì kan sọ fún un pé ènìyàn rẹ̀ ló kéré, kó lọ wá sí i. Ó yá owó, ó san owó ọkọ̀ fún àwọn olùbéèrè, ó ra ọṣẹ àti mílíìkì fún àwọn tó dáhùn, ó sì padà sí kíníìkì kan náà! Ohun tó rí gbà kò ju pé àlàfo ìdánilójú, ìyẹn àyè tí wọ́n rò pé nọ́ńbà tòótọ́ wà, tó yí nọ́ńbà òdì rẹ̀ ká wá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Àwọn tó tún padà wá san owó fún oníṣirò pé kó "tún ìṣègbè náà ṣe" pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n má tíì dé orí tiwọn, ẹ̀jẹ̀ mi á ru.

Ẹ̀kẹta: ìgbàgbé nìkan kì í ṣe ìṣègbè ìrántí. Gbogbo wa là ń gbàgbé. Kó tó lè jẹ́ ìṣègbè ìrántí, ìrántí kéèsì àti ti kọ́ńtíróòlù gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ gbé e ka àwọn ìyá méjì, ọ̀kan bí ọmọ tó ní àbùkù ara, èkejì bí ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe. Ìyá àkọ́kọ́ ti jókòó lóru, ó ti ka gbogbo oògùn tó lò nígbà oyún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ohun tó fà á. Ìyá kejì kò rí ìdí tó fi yẹ kó rò ó. Ká ní 40 nínú 100 ló lo oògùn náà ní apá méjèèjì, tí 36 rántí lọ́dọ̀ kéèsì, tí 24 péré sì rántí lọ́dọ̀ kọ́ńtíróòlù. OR tó yẹ kó jẹ́ 1 á di 1.78. Ṣùgbọ́n bí apá méjèèjì bá gbàgbé bákan náà, ìwífún ṣì ni àṣìṣe náà, kì í sì í ṣe ìṣègbè ìrántí. Nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ bí èyí, ó sábà máa ń fa OR sún mọ́ 1 ni. Ẹni tó bá wá sọ pé ìgbàgbé irú yìí ló bí OR ńlá ti sọ ọ̀rọ̀ òdìkejì.

Ẹ má sì fẹ̀sùn ìrántí kan ìwádìí láìwò bóyá wọ́n ti dáàbò bo ara wọn. Bí wọ́n bá lo káàdì aboyún tí nọ́ọ̀sì ti kọ kí ọmọ tó dáyé, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa ìyá méjì yẹn ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí Richard Doll àti Bradford Hill gbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950 ṣì ń wú mi lórí. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá àwọn aláìsàn lẹ́nu wò nípa sìgá, àwọn kan wà tí wọ́n rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe, tí àyẹ̀wò wá fi hàn lẹ́yìn náà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èrò olùbéèrè tàbí ti aláìsàn ló ń fẹ ìtàn sìgá lójú, ti àwọn yìí náà ì bá fẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn sìgá tiwọn jọ ti àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ náà.

Ẹni tó kọ̀ láti dáhùn rárá, yíyàn. Ẹni tó dáhùn àmọ́ tó fo ìbéèrè kan, ìwífún.

Ẹ má kọ "lè ní ìṣègbè" láìsọ apá tó ń tì í sí. Fún ti kọfí, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀dọ̀ dókítà inú ni wọ́n ti mú kọ́ńtíróòlù, ó sì ṣeé ṣe kí kọfí tí wọ́n ń mu kéré sí ti ìlú, ìṣègbè yíyàn yìí á gbé OR ga ju bó ṣe yẹ lọ."

Ọ̀rọ̀ òkú náà wà níbẹ̀ o, ó sì máa ń tú àwọn tó gbójú fò ó fó. Jẹjẹrẹ páńkíríásì kì í pẹ́ pa ènìyàn. Ká ní kéèsì kan kú kí olùbéèrè tó dé, tí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò: yíyàn nìyẹn, nítorí pé àwọn tó pẹ́ láyé díẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀rọ̀ kọfí tiwọn sì lè má rí bíi ti àwọn tó tètè lọ. Ọkùnrin kan náà ni o, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n bi ìyàwó rẹ̀ dípò rẹ̀, nígbà tí àwọn kọ́ńtíróòlù ń dáhùn fúnra wọn: ìwífún nìyẹn. Ìyàwó mọ èyí tó ń mu nílé; kò mọ èyí tó ń mu níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé ó gbàgbé. Nítorí náà, ẹ wá iye kéèsì tó kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti iye àwọn tí ẹlòmíràn dáhùn fún ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò bá kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò kọ ọ́, kí ẹ sì fún un ní ìlà tirẹ̀.