Ẹgbẹ̀rún Mẹ́fà Àbọ̀ Lórí Oníbàárà Kan: Ohun Tí Ìpolówó Àdìrẹ Mi Fojú Mi Rí

Inú ló bí mi tí mo fi ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìṣirò. Odindi oṣù kan ni mo fi ń ta àdìrẹ lórí fóònù, tí álàtì ń wọlé, tí èmi náà ń rìn bí ọlọ́jà ńlá. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ra aṣọ funfun tí a ó rẹ láró, mo ṣí àpò, owó ò pé. Ọjà ń lọ, owó ò sí nílẹ̀. Ta ló jẹ ẹ́?

Ìsọ̀ mi wà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Ọmọkùnrin kan tó mọ̀ nípa ìpolówó orí fóònù ló bá mi ṣe é. Bí a ṣe ya fọ́tò, bí a ṣe ṣètò rẹ̀ lórí Fesibúùkù kó lè máa gbé àwọn èèyàn wá sórí Wásáàpù mi, n ò ní fi ìyẹn gùn yín lára, ẹni tó bá ti ní fóònù á rí i ṣe. Àbájáde tó mú wá lópin oṣù ni kí ẹ gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ kú oríire o! Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì èèyàn ló rí ọjà yín. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì ta mọ́kànlélógójì! Títà kan ò ná yín ju ₦1,463 lọ."

Mo yọ̀. Mo tiẹ̀ ra mọ́tí fún un. Àṣé ẹnu ni wọ́n fi ń sè é, kò tíì dé orí iná.

Ẹ jẹ́ ká mú un bí a ṣe ń mú un lọ́jà. Ẹgbẹ̀rún 38 yẹn, `Reach` ló ń jẹ́ lójú fóònù. Àwọn tó kọjá níwájú ìsọ̀ ni. Ìpolówó náà fara hàn ní ìgbà 95,000, ìyẹn ni pé, ká fojú bù ú, ẹnì kọ̀ọ̀kan rí i bí ìgbà méjì àbọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba Ìtòkú kọjá lọ sí Kútọ̀ kò tíì ra aṣọ lọ́wọ́ mi.

"Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún" ni irọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù náà ló kọ ọ́ síbẹ̀. Oríṣi títẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. `Clicks (all)` ń ka gbogbo ohun tí ọwọ́ bá kàn: ẹni tó tẹ fọ́tò kó lè tóbi sí i, ẹni tó tẹ ọkàn pupa, ẹni tó tẹ orúkọ mi kó lè wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Ìyẹn jẹ́ 2,850. `Link clicks` ni ti àwọn tó tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, 760 péré. Ẹ pín 760 sí 95,000, kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, 0.8% ni. Ẹni tó fọwọ́ kan aṣọ yàtọ̀ sí ẹni tó béèrè pé èló ni.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn, eré ọmọdé ni. Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ni 41 yẹn.

Mo bi ọmọkùnrin náà níbi tó ti rí 41. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi." Òótọ́ ni. Ó béèrè lọ́jọ́ kan pé aṣọ mélòó ni mo ti tà lórí fóònù lóṣù náà, mo ka ìwé mi, mo ní mọ́kànlélógójì. Ó mú un, ó pín owó ìpolówó sí i. Kò bi mí pé àwọn wo ló rà á, kò bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ mí. Aṣọ 41 ni, kì í ṣe èèyàn 41, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìpolówó ló mú gbogbo wọn wá.

Mo wá jókòó láti mọ ẹni tí ìpolówó mú wá ní tòótọ́. Mo rò pé wákàtí kan ni. Òru mẹ́rin ló gbà. Wásáàpù wà lápá ọ̀tún, álàtì báńkì lápá òsì, ìwé tí mo ń kọ ọjà sí láàárín, mo wá ń so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ò bára mu! Ìyàwó ló bá mi sọ̀rọ̀, ọkọ ló sanwó. Ẹlòmíì lọ sọ́dọ̀ oní-POS, orúkọ oní-POS ló wá sínú álàtì. Obìnrin kan wà tó fi nọ́ńbà kan béèrè ọjà, tó fi òmíràn fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, mo ti kà á sí èèyàn méjì kí n tó rí i pé ilé kan náà ni n'Íbàdàn. Ọmọ mi sì ti nu àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní dànù nítorí pé fóònù kún. Mo pariwo lóru ọjọ́ yẹn títí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn.

Ohun kan ló yọ mí. Bí èèyàn bá gba orí ìpolówó wọlé sí Wásáàpù, àwòrán ìpolówó náà máa ń wà mọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ. Mo ń wá àwòrán yẹn ni. Àléébù ẹ̀ ni pé ẹni tó bá da nọ́ńbà mi kọ tó wá pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò ní ní àwòrán kankan. Àwọn tí n kò mọ̀, tí kò sí àwòrán lọ́rọ̀ wọn, mo pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan: "Ẹ má bínú o, níbo lẹ ti gbọ́ orúkọ wa?" Wọ́n dáhùn, ọ̀pọ̀ tiẹ̀ gbàdúrà fún mi.

Ibi tí mo já sí rèé. Aṣọ 41, èèyàn 29 ló rà á. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn jẹ́ oníbàárà mi àtijọ́ tàbí ẹni tí oníbàárà júwe mi fún, àwọn ló ra aṣọ 28. Mẹ́ta nínú àwọn àtijọ́ yìí gba orí ìpolówó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń ra aṣọ Iléyá lọ́wọ́ mi, n ò fún ìpolówó ní oríyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹlòmíì lè kà wọ́n, òun ló mọ̀. Àwọn tuntun tí ìpolówó mú wá jẹ́ 13, ẹyọ aṣọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì rà, wọ́n ń dán mi wò ni.

Owó tó jáde náà kì í ṣe ₦60,000 tí ọmọkùnrin náà fi ṣe ìṣirò. Owó orí ọjà, 7.5%, wà lórí ẹ̀, ìyẹn ₦4,500. Owó iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbà, ₦20,000, kò kà á! Ọmọ mi bá mi kọ ọ́ sínú táàbù tó ń ṣírò lórí kọ̀ǹpútà. B1 ni owó ìpolówó, B2 owó orí, B3 owó òṣìṣẹ́, B4 iye oníbàárà tuntun:

```
=(B1+B2+B3)/B4
```

₦84,500 lórí èèyàn 13, ₦6,500 géérégé. Ọ̀pá márùn-ún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ₦18,000 ni mo ń tà á. Aṣọ, aró, ẹ̀kọ àti owó àwọn tó ń yà á jẹ́ ₦11,500, ọ̀rá àti páálí ₦500. Oníbàárà ló ń san owó ọkọ̀. Èrè mi, ₦6,000. Ẹ ò rí i pé mo ń fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lé oníbàárà lọ́wọ́ kó tó gbé aṣọ mi lọ. Ibẹ̀ lowó aṣọ funfun mi wọlẹ̀ sí.

Mo bá ọmọkùnrin náà jà. Ó ní owó iṣẹ́ òun kì í ṣe owó ìpolówó. Mo ní ṣé afẹ́fẹ́ ló ti jáde nínú àpò mi ni? A ya ara wa.

N ò ní purọ́, mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ara mi pé mi ò polówó mọ́ láé. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe é ni pé obìnrin kan nínú àwọn 13, ará Ìlọrin, tún pè mí ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo ní kí n máa ṣọ́ wọn. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ rà, ọjọ́ ẹnì kan ò sì gùn ju ti ẹnì kejì lọ. Bí mo bá fi ẹni tó rà lánàá wé ẹni tó rà lóṣù kejì sẹ́yìn, ẹni àná á dà bí ẹni tó sá lọ. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mẹ́rin ló ti padà wá, wọ́n ra aṣọ márùn-ún. N ò náwó kankan láti pè wọ́n. Aṣọ 18 lápapọ̀ ni àwọn èèyàn yẹn wá rà, èrè ₦108,000. Mo yọ ₦84,500, ó ku ₦23,500 sí mi lọ́wọ́. Ìpolówó tí mo ń bú láti oṣù kìíní kò pa mí lówó mọ́. Lóòótọ́, èèyàn mẹ́rin kéré. Ká ní ẹnì kan nínú wọn kò rántí mi, ìṣirò náà á yí padà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, èmi àti ọmọ mi la ṣe é fúnra wa, ₦40,000 pẹ̀lú owó orí ₦3,000. Ohun méjì péré ni mo yí padà. Mo kọ ₦18,000 gàdàgbà sójú fọ́tò, mo sì fi àmì sínú ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nílẹ̀ fún oníbàárà láti fi ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, aṣọ ẸLẸ́KỌ 2 ni mò ń wá." Bí ẹnikẹ́ni bá ti sanwó, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń kọ "E2" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àti orúkọ tó wà nínú álàtì. Kò gba òru kankan lọ́wọ́ mi mọ́.

Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ dínkù, láti 0.8% wá sí 0.5%. Ká ní ọmọkùnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ì bá ní ìpolówó ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń bi mí pé "èló ni, Mọ́mì?" tí wọ́n á sì pòórá ni wọn ò wá mọ́, iye ti lé wọn lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni mẹ́wàá tuntun ló rà á, ₦4,300 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. N ò ka wákàtí tí èmi àti ọmọ mi fi ṣe é, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi bú mi.

Oṣù mẹ́ta ti àwọn E2 kò tíì pé. Ẹni méjì ti padà wá. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ aṣọ méjìlá fún àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n fẹ́ sìnkú bàbá wọn ní Ṣagámù. Bí mo bá da méjìlá yẹn mọ́ ìṣirò, ìpolówó á dà bí iṣẹ́ ìyanu, ẹ̀ẹ̀kan sì ni wọ́n máa sin bàbá. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sójú ewé ọ̀tọ̀.