Bí a ṣe ń to àwòrán fídíò àdúrà òwúrọ̀ tí a fẹ́ fi fóònù yà nínú yàrá kékeré

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fóònù kan ṣoṣo ya fídíò àdúrà òwúrọ̀ nínú yàrá kékeré gbọ́dọ̀ kọ gbogbo àwòrán tí yóò yà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò yẹ kí ó tò wọ́n bí àdúrà náà ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni kí ó fi tò wọ́n, nítorí pé òun ni ó ń yí padà jù lọ nínú yàrá náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan ní Ìbàdàn, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 10, tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Arábìnrin kan fẹ́ ka Sáàmù 5, ẹsẹ 1 sí 3, kí ó sì gbàdúrà lé e lórí, kí gbogbo rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Oòrùn sábà máa ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago 6:30 sí 7:00, kì í sì í pẹ́ tí ìtànṣán rẹ̀ fi ń wọlé tààrà, tí yóò mú kí ẹ̀gbẹ́ ojú kan funfun jù. Ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ tí ìtànṣán kò tíì wọlé ni kí ó ya àwòrán tí ojú rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Kí ó gbé àga sí ibi tí fèrèsé yóò ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níwájú díẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìta ni fóònù yóò fi ṣe òṣùwọ̀n, ojú rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Kí ó gbé fóònù lé orí tábìlì tàbí tírípọ́ọ̀dù, kí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ojú rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sí i. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, máìkì inú fóònù yóò máa gbé ohùn tí ògiri ń dá padà. Orí bẹ́ẹ̀dì kò dára, torí pé ó ń mì. Kí ó lo lẹ́ńsì 1x, kì í ṣe 0.5x, nítorí pé 0.5x ń fẹ imú àti iwájú orí. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa fáànù, kí ó sì fi fóònù sí ipò tí ìpè kò fi ní wọlé.

Àwòrán kìíní ni gbogbo àdúrà náà láìdúró, láti àyà dé orí. Kí ó kọ́kọ́ tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù mọ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yí padà fúnra rẹ̀. Lórí áífóònù, AE/AF LOCK yóò hàn. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó sì tún gbólóhùn náà sọ látòkè, láìpa fóònù.

Àwòrán kejì ni ibi kíka Sáàmù nìkan, láti ẹ̀gbẹ́, kí fóònù súnmọ́ ògiri fèrèsé. Mo ní kíkà nìkan, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í yí padà, ètè lè bá ohùn àkọ́kọ́ mu. Àdúrà àtọkànwá kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dọ́gba, mo sì rò pé kò tilẹ̀ yẹ kí a ní kí ènìyàn tún un gbà nítorí kámẹ́rà.

Ohun tí yóò bo ojú ibi tí a bá gé nínú àdúrà ni àwọn àwòrán yòókù, tí kò nílò ohùn: ọwọ́ tó ń ṣí Bíbélì, ìka lórí ẹsẹ 3, eékún tó ń kan ilẹ̀, aṣọ fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Kí ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 tàbí 4 ni yóò lò. Ìwọ̀nyí lè dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọlé, àmọ́ aṣọ, òrùka àti ọwọ́ tó mú Bíbélì gbọ́dọ̀ rí bíi ti àkọ́kọ́.

Kí ó kọ ohun kan tí kì í ṣe àwòrán sí ìsàlẹ̀ ìwé tí ó kọ àwọn àwòrán náà sí: ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, kí fóònù gba ìró yàrá náà sílẹ̀. Òun ni yóò fi dí àlàfo níbi tí ó bá ti yọ àṣìsọ kúrò. Àkùkọ tó kọ lọ́nà jíjìn kò ba nǹkan jẹ́, òwúrọ̀ ló ṣáà jẹ́. Ohun tí etí yóò mú ni kí a gé e nígbà tí kò tíì kọ tán. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ní tirẹ̀ kò ṣeé bò, nítorí náà kí ó dúró títí wọn yóò fi pa á, tàbí kí ó sún un di ọjọ́ mìíràn. Kí ó tó gbé àga kúrò, kí ó fi íyápíìsì gbọ́ àwòrán kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.