Bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó bójú tó ìwádìí mi, lẹ́yìn tí owó àwo ìdúpẹ́ ti wọ igbó

45,000 náírà ni mo san fún àwo onígíláàsì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo ní kí wọ́n kọ "Baba Ìmọ̀, Àtùpà Ìran Wa" sí lára. Ọ̀gá tó bójú tó ìwádìí mi gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n sì dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "N kò tíì fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ. Bí mo bá gba èyí lónìí, kí ni kí àwọn èèyàn pè é?" Ó dùn mí wọra, nítorí pé orúkọ wọn ti wà lára àwo náà, kò sì sí ẹni tí mo lè tà á fún.

Mo ṣe àtúnṣe, wọ́n fọwọ́ sí i, mo di ìwé ìwádìí náà pọ̀, mo sì kó o sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́tà ìdúpẹ́ gan-an ló dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kún ojú ewé méjì, "ìtọ́sọ́nà yín tí kò lẹ́gbẹ́" sì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kà á tán, wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀gá ló lè kọ èyí. Kí ni wọ́n ṣe fún ìwọ?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo lọ tú ẹ̀dà orí kẹrin tí ọ̀gá ti yẹ̀ wò jáde. Iye ọjọ́ tí pákí tí a rin fi ń kan nínú àpò kí a tó yan án ní gàrí Ìjẹ̀bú ni mo ṣèwádìí lé lórí. Ní ojú ìwé 63, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ kan, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Àpò wo? Ọjọ́ kelòó?" Mo ti da èyí tí mo bù ní ọjọ́ kẹta pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ karùn-ún, mo sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Lẹ́tà tuntun náà kò ju èyí lọ: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní ojú ìwé 63, ẹ béèrè àpò wo àti ọjọ́ kelòó. Inú mi kò dùn nígbà náà, torí ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìbéèrè yẹn gan-an ni olùdánwò tó wá láti ìta kọ́kọ́ bi mí, mo sì ní ìdáhùn. Láti ìgbà náà, n kì í kọ iye kankan sílẹ̀ láìkọ ọjọ́ rẹ̀ tì í. Ẹ ṣeun gan-an, sà."

Mo yọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún iṣẹ́. Mo fi ìyẹn sí ọjọ́ mìíràn, kí ọpẹ́ má baà dà bí ẹ̀bẹ̀. Bí mo bá tún un ṣe, n kò ní mú ẹ̀bùn kankan lọ kí èsì tó jáde, n kò sì ní kọ oríkì tí n kò lè tọ́ka sí ìdí rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo fún wọn ní lẹ́tà náà pẹ̀lú kóńgò gàrí méjì. Wọ́n kà á lórí ìdúró. Wọ́n fa ẹ̀dà ìwé mi yọ láti orí pẹpẹ, wọ́n ṣí i sí ojú ìwé 63, wọ́n sì fi lẹ́tà náà há ibẹ̀.