Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ tánsíọ̀n ilé wé ti ilé ìwòsàn

Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tánsíọ̀n tuntun ní fámásì, ẹ má tíì gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tí ń wọ̀n yín ní Kétu, kí ẹ fi wé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ bí ẹ ó ṣe fi wé e.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, nọ́ọ̀sì sábà máa ń sọ pé "mẹ́rìnlá lórí mẹ́sàn-án". Sẹ̀ǹtímítà ni ó ń kà; mílímítà ni ẹ̀rọ ilé ń kà. Nítorí náà, 14 rẹ̀ lè jẹ́ 136, ó sì lè jẹ́ 144. Mílímítà mẹ́jọ ti sá pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ ní kíkún, kí ó má ṣe gé e kúrú.

Àṣìṣe tó ń ba ẹ̀rọ tó dára lórúkọ jẹ́ jù ni kí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan níhìn-ín, lẹ́ẹ̀kan lọ́hùn-ún. Tánsíọ̀n kì í dúró lójú kan, wíwọ̀n àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń ga jù. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ìṣẹ́jú kan máa wà láàárín: tiyín, tiyín, ti nọ́ọ̀sì, tiyín, ti nọ́ọ̀sì.

Ká ní nọ́ńbà òkè jẹ́ 152, 148, 142, 146, 140. Ẹni tó bá fi 152 wé 140 á ní ẹ̀rọ náà fi 12 purọ́. Ẹ gbé ti àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ro 148 àti 146 pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 147. Ẹ fi wé 142 ti nọ́ọ̀sì. Márùn-ún ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà dára. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ẹ ro ti nọ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi wé ìkẹrin. Bí kò bá ju mẹ́wàá lọ, ó ṣeé lò. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má máa fi orí yọ ìyàtọ̀ náà kúrò, ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ náà.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ méjèèjì sí apá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, torí apá méjèèjì lè má dọ́gba. Apá kan náà ni gbogbo rẹ̀, ní ìhòòhò, kì í ṣe lórí aṣọ àńkárá.

Ẹ sì wo ọ̀já ẹ̀rọ náà tí a ń wé mọ́ apá. Ọ̀pọ̀ èyí tó bá ẹ̀rọ wá jẹ́ ti apá tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Bí ọ̀já bá kéré fún apá ńlá, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn àárín apá òkè kí ẹ tó lọ.

Tí ti nọ́ọ̀sì bá jẹ́ alábẹ́rẹ́, ẹ wò ó kí ó tó fẹ́ atẹ́gùn sí i: abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí òdo. Bí kò bá sí níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló yẹ ká dá lẹ́bi.