Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ISBN: ẹ má ṣe pa 978 kejì rẹ́

Bí ẹni tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwé fún ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà bá rí ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ ìwé, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, ó rọrùn fún un láti rò pé àwọn tí ó tẹ ìwé náà ṣèèṣì kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì pa ọ̀kan rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. 978 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwé kárí ayé, òun ni ẹ̀rọ ìtajà fi ń mọ̀ pé ìwé ni wọ́n gbé wá síwájú òun; 978 kejì ni ti Nàìjíríà. Kòńgẹ́ lásán ni pé méjèèjì bára mu.

Ohun tí ó tún ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé, kí ọdún 2007 tó dé, nọ́ńbà mẹ́wàá péré ni ISBN ní, nítorí náà ìwé Nàìjíríà àtijọ́ ní 978 kan ṣoṣo, ti orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí a fi 9781234563 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di onínọ́ńbà mẹ́tàlá, a ó fi 978 síwájú rẹ̀, a ó sì tún nọ́ńbà ìkẹyìn ṣírò, torí pé òun ni a fi ń yẹ ìyókù wò, ìṣirò rẹ̀ sì ti yí padà: yóò di 9789781234569. Ẹni tí ó bá wá yọ 978 kan kúrò nínú èyí yóò ní 9781234569, tí ó jọ ISBN àtijọ́, ṣùgbọ́n 9 ni ó fi parí dípò 3, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ̀ ọ́.

Ẹ má sì ṣe gé nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́yìn 978 kí ẹ pè é ní orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni pé 0 àti 1 jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, 2 ti Faransé, 3 ti Jámánì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́ta ni ti Nàìjíríà ní, 978, mẹ́rin sì ni ti Gánà ní, 9988. Ìlà kékeré tí wọ́n fi pín in ni kí ẹ tẹ̀lé.

Àṣìṣe tí ó ṣòro jù láti rí ni kí a fi ìbẹ̀rẹ̀ yìí kún àyè èdè nínú àkọsílẹ̀. Ibi tí akéde-ìwé ti forúkọ sílẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe èdè inú ìwé, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ìwé Yorùbá tí akéde kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-0 tàbí 978-1, nígbà tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì akéde kan ní Ìlọrin yóò ní 978-978, ì báà jẹ́ Íńdíà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Òǹkọ̀wé ará Òmù-Àrán tí ó bá gba ISBN ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé orí ayélujára ti Amẹ́ríkà lè rí 979-8 lẹ́yìn ìwé rẹ̀, èyí tí í ṣe ti Amẹ́ríkà. Bí ó bá fẹ́ 978-978, National Library of Nigeria ni kí ó lọ gbà á lọ́wọ́ wọn kí ìwé tó jáde.