Bí mo ṣe tún fídíò ìdáhùn oníṣẹ́jú kan mi ṣe

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe fídíò oníṣẹ́jú kan tí mo fi ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹwòran. Ẹnìkan béèrè bóyá ọdún kan náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Èkìtì sílẹ̀. Mo fi 40 ìṣẹ́jú-àáyá sọ ìtàn kí n tó dáhùn, mo sì pe 1976 fún àwọn méjèèjì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i nínú fídíò ẹlòmíràn. Ó dùn mí gan-an nígbà tí àwọn àgbà tọ́ mi sọ́nà.

Ní báyìí, ìbéèrè náà ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn bí òǹwòran ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n mo ti bo orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jáde kí 10 ìṣẹ́jú-àáyá tó pé: rárá, 3 Oṣù Kejì 1976 ni ti Òǹdó, Èkìtì sì jáde lára rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹwàá 1996.

Ti ẹ̀rí ni ó le jù. Mo kọ́kọ́ gbá ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 mú, àmọ́ orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ àti olú-ìlú wọn ni ó tò, kò sọ ọjọ́ tí a dá wọn sílẹ̀. Nítorí náà, àṣẹ ìjọba ológun tí ó dá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó bá ìbéèrè náà mu. Orúkọ ẹ̀rí a máa hàn lójú fídíò bí mo bá ti ń pe ọjọ́ náà lọ́wọ́, kì í ṣe ní ìparí, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ti lè kúrò.